Ẹ Yẹ Wáyà Wò Kí Ẹ Tó Tú Dáṣíbọ́ọ̀dù

Ènìyàn mẹ́ta ni mo fẹ́ bá wíjọ́ nínú àròkọ yìí. Ẹni àkọ́kọ́ ni awakọ̀ tó gbé fóònù lé itan, tó ń wo máàpù níbẹ̀ bí ó ti ń wakọ̀ lọ. Ẹnì kejì ni ẹni tó ń ta wáyà fóònù, tó mọ̀ pé iná nìkan ni wáyà náà lè gbé, tí kò sì sọ fún oníbàárà. Ẹnì kẹta ni oníṣẹ́ ọwọ́ tó máa ń wo sikirínì inú ọkọ̀ fún ìṣẹ́jú méjì péré, tí yóò sì ní, "Ó ti bàjẹ́, ẹ jẹ́ ká yọ ọ́." Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pàdé lára ìyá mi lọ́dún tó kọjá. Ohun tí ojú wa rí ló jẹ́ kí n kọ àròkọ yìí.

Àdìrẹ ni ìyá mi ń tà ní ọjà Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta. Àwọn oníbàárà rẹ̀ kan wà ní Èkó, ó sì máa ń fi ọkọ̀ gbé ọjà lọ fún wọn lẹ́ẹ̀mejì lóṣù. Ọkọ̀ tokunbọ̀ tí wọ́n ṣe ní ọdún 2017 ni. Sikirínì kan wà láàárín dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀, ṣùgbọ́n rédíò nìkan la fi ń gbọ́, a sì máa ń rí ẹ̀yìn ọkọ̀ nínú rẹ̀ bí Màmí bá fẹ́ rìn sẹ́yìn. Màmí mọ ọ̀nà Abẹ́òkúta bí ẹni mọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ti Èkó ni kò mọ̀. Nítorí náà, ó máa ń ṣí máàpù sórí fóònù, á gbé e lé itan, á sì máa yọjú wò ó.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, a gba ọ̀nà Ṣiun já sí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, a sì ń sún mọ́ Bẹ́jà. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló wà níwájú wa. Fóònù sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ariwo rédíò bo ohùn rẹ̀. Màmí wo itan rẹ̀ láti rí ibi tí yóò yà sí. Nígbà tí yóò fi gbójú sókè, danfó tó wà níwájú wa ti dúró láti já èrò. Ó tẹ búréèkì mọ́lẹ̀, táyà han gooro, ọkọ̀ wa sì fi ọ̀mú lu ẹ̀yìn danfó náà. Ẹnikẹ́ni kò fara pa. Ìmọ́lẹ̀ iwájú kan fọ́, a bẹ onídanfó, a sì sanwó fún un. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Màmí gbọ̀n títí a fi dé Ìkẹjà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀, nítorí ìṣirò ni yóò fi hàn pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ àìbìkítà Màmí nìkan. Ọkọ̀ tó ń sáré kìlómítà 36 ní wákàtí kan ń rin mítà 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Eré yẹn kò pọ̀ rárá. Eré inú ìlú ni. Bí awakọ̀ bá wo itan rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta péré, ọkọ̀ rẹ̀ ti rin mítà 30 láìsí ojú tó ń ṣọ́ ọ. Bí ó bá jẹ́ kìlómítà 72 ní wákàtí kan ló ń sá, mítà 60 ni. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ẹni tó gbé ojú rẹ̀ lọ sórí itan ti fi orí rẹ̀ àti orí àwọn tó gbé sílẹ̀ láìsí olùṣọ́.

Nígbà tí a dé ilé, mo sọ fún Màmí pé mo ti rí i nínú ọkọ̀ bàbá ọ̀rẹ́ mi kan pé máàpù fóònù máa ń jáde lójú sikirínì ọkọ̀, lókè, níbi tí ojú awakọ̀ ti lè rí i láìtẹ orí ba. Wáyà ni wọ́n fi so ó pọ̀. Màmí ní òun náà ti gbọ́ ọ. Ó ti ra wáyà kan ní ₦700 lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri ọjà, ó ti fi so fóònù mọ́ ọkọ̀, fóònù gba iná, ṣùgbọ́n sikirínì kò ṣe nǹkan kan. Ó wá gbé ọkọ̀ náà lọ bá ọkùnrin kan tó ń ṣe rédíò ọkọ̀.

Mo bá a lọ. Ọkùnrin náà mú wáyà ₦700 yẹn kan náà, ó fi sí ihò, ó wo sikirínì, ó mirí. "Màmá, sikirínì yìí ti kú sí fóònù. Ẹ jẹ́ ká yọ ọ́, ká fi tuntun tó jẹ́ ti Áńdíróìdì síbẹ̀. ₦180,000, pẹ̀lú owó iṣẹ́."

Màmí ní, "Ọ̀gá, ṣé kò sí ohun mìíràn tí a lè ṣe sí i?"

Ó ní, "Màmá, fóònù yín ń gba iná àbí kò gbà? Bí wáyà bá dára tí sikirínì kò sì dáhùn, ta ló kù tó bàjẹ́?"

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀wọ́ ẹ dúró síbi ọ̀rọ̀ yẹn, nítorí ibẹ̀ ni àṣìṣe wà. Ó dàbí ọ̀rọ̀ ọgbọ́n, àmọ́ irọ́ ni. Pé wáyà ń gbé iná kò túmọ̀ sí pé wáyà náà dára fún iṣẹ́ yìí. Iná àti ọ̀rọ̀ kì í gba ojú ọ̀nà kan náà nínú wáyà. Màmí ti ń ro bí yóò ṣe mú owó náà kúrò lára owó aṣọ funfun tó fẹ́ fi pa àdìrẹ tuntun. Ó sọ fún ọkùnrin náà pé òun yóò padà wá ní ọjọ́ Jímọ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo ní.

Ní ọjọ́ kejì, mo gba àṣẹ lọ́wọ́ olùkọ́ wa tó ń kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà, mo sì mú fóònù Màmí àti wáyà náà lọ sí yàrá kọ̀ǹpútà. Mo fi wáyà ₦700 so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà. Àmì iná yọ lójú fóònù. Ó ń gba iná. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni dé. Kò dún, kò fi fóònù hàn nínú àkójọ rẹ̀. Mo yọ ọ́, mo fi wáyà olùkọ́ wa sí i, èyí tó bá fóònù tirẹ̀ wá nínú páálí. Lójú ẹsẹ̀, kọ̀ǹpútà dún, orúkọ fóònù Màmí sì yọ. Fóònù kan náà ni, kọ̀ǹpútà kan náà ni, ihò kan náà ni. Wáyà nìkan ló yàtọ̀. Ìdánwò yẹn kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, kò sì ná wa ní kọ́bọ̀.

Olùkọ́ wa ní kí n gé wáyà ₦700 náà ní àárín kí n lè rí inú rẹ̀, ó sì fi wáyà mìíràn tó ti já tẹ́lẹ̀, tí ó jẹ́ gidi, ṣe àfiwé rẹ̀. Nígbà tí a bó awọ gidi náà, okùn mẹ́rin tẹ́ẹ́rẹ́ ló wà nínú rẹ̀: pupa, dúdú, funfun, àti àwọ̀ ewé. Pupa àti dúdú ló ń gbé iná. Funfun àti àwọ̀ ewé ló ń gbé ọ̀rọ̀ lọ tí wọ́n ń gbé e bọ̀. A wá bó ti Màmí. Pupa kan, dúdú kan, ó tán. Wọn kò fi okùn ọ̀rọ̀ sí i rárá, nítorí bàbà tí wọn kò lò ni èrè tí wọ́n jẹ. Wáyà náà kò bàjẹ́. Láti ilé-iṣẹ́ tó ti wá ni ó ti jẹ́ odi. Fóònù ń bá ọkọ̀ sọ̀rọ̀ nípasẹ̀ ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀, a sì ní ọkọ̀ ló ya adití.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an, kí ẹ lè rí ìdí tí okùn méjì yẹn fi ṣe pàtàkì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé sikirínì ọkọ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ máàpù. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Fóònù ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́: òun ló ń wá ọ̀nà, òun ló ń lo dátà, inú rẹ̀ ni orin wà. Ó kàn ń ya àwòrán ohun tó fẹ́ kí ẹ rí, ó ń rán an gba inú wáyà lọ sójú sikirínì, bí ẹni ń rán fíìmù. Ohùn máàpù àti ohùn orin náà ń bá a lọ sínú ẹ̀rọ agbóhùnsókè ọkọ̀. Bí ẹ bá fi ìka tẹ sikirínì, ìròyìn ìtẹ̀ yẹn ń gba inú wáyà padà sọ́dọ̀ fóònù. Àwòrán lọ, ìka bọ̀. Bí kò bá sí okùn ọ̀rọ̀, kò sí ohun tó lè lọ, kò sì sí ohun tó lè bọ̀. Iná nìkan ni yóò máa wọ inú fóònù, fóònù á kún fún iná, awakọ̀ á sì máa wo itan rẹ̀ lọ.

Orúkọ ètò tó ń ṣe iṣẹ́ yìí lórí fóònù Áńdíróìdì ni Android Auto. Ti aífóònù ni Apple CarPlay. Ọdún 2014 ni ilé-iṣẹ́ Ápù àti ilé-iṣẹ́ Gúgù kéde wọn fún aráyé. Láti ìgbà tí Áńdíróìdì kẹwàá ti dé, Android Auto ti wà nínú fóònù láti ilé-iṣẹ́. Kò sí ohun tí ẹ fẹ́ lọ wá kiri. Ohun tó kù ni ọkọ̀ tó mọ̀ ọ́n àti wáyà tó lè sọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ Wẹ́sídeè, mo yá wáyà olùkọ́ wa lọ sílé. A jókòó sínú ọkọ̀ níwájú ilé, Màmí tan ọkọ̀, mo fi wáyà sí ihò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ń gbé ife sí. Sikirínì kò dáhùn. Màmí wò mí, kò sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mo rí ₦180,000 lójú rẹ̀. Mo rántí pé ihò mìíràn wà nínú àpótí tó wà lábẹ́ ìgbọ́wọ́lé. Mo tan iná fóònù mi sí i. Ihò ti àkọ́kọ́ ní àwòrán mànàmáná lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ti iná nìkan ni. Ti inú àpótí ní àwòrán fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Mo yí wáyà lọ síbẹ̀. Ó ṣì kọ̀. Mo wo ẹnu ihò fóònù Màmí, mo rí i pé ìdọ̀tí aṣọ ti dì síbẹ̀, nítorí inú àpò tó kún fún òwú ló máa ń wà. Mo pa fóònù náà, mo fi igi ìtayín rọra kó òwú náà jáde. Nígbà tí mo tún fi wáyà sí i, ó wọlé dáadáa, ó sì dún "kọ́."

Fóònù béèrè bóyá a fẹ́ so ó mọ́ ọkọ̀. Màmí ṣí títì ojú fóònù, ó fọwọ́ sí gbogbo ohun tó béèrè. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, sikirínì tó "ti kú" ṣú dúdú, ó sì tan padà pẹ̀lú máàpù àdúgbò wa, orúkọ òpópónà wa sì wà níbẹ̀. Màmí pariwo débi pé aládùúgbò wa jáde síta.

Bí fóònù bá sopọ̀ tí kò sì béèrè nǹkan kan, ibi kan ṣì wà tí ẹ lè wò. Ẹ fa ojú fóònù wálẹ̀ láti òkè, ẹ tẹ ibi tó ti ń sọ pé fóònù ń gba iná nípasẹ̀ USB. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, ẹ ó rí ọ̀kan tó ń jẹ́ "File transfer / Android Auto." Òun ni kí ẹ yàn. Bí wáyà yín bá jẹ́ èyí tí kò ní okùn ọ̀rọ̀, fóònù kò ní mọ̀ rárá pé nǹkan kan wà lódìkejì tó fẹ́ bá òun sọ̀rọ̀. Àmì kan nìyẹn. Àmì mìíràn ni kí máàpù máa yọ, kí ó sì máa pòórá nígbàkigbà tí ọkọ̀ bá kó sí kòtò. Ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́ wáyà olókùn méjì. Wáyà gidi tí okùn rẹ̀ ti ń já nínú ni, tàbí tí ẹnu rẹ̀ ti ṣò. Wáyà mìíràn tó kúrú, tó tó mítà kan péré, ni ìwòsàn rẹ̀. Ẹ má lo èyí tó gùn kalẹ̀ dé ẹ̀yìn ọkọ̀, ẹ má sì fi wáyà kan so mọ́ òmíràn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ta kò mí. Ẹ jẹ́ kí n dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwọn kan yóò ní kì í ṣe gbogbo sikirínì ọkọ̀ ló lè ṣe é. Òótọ́ ni wọ́n sọ, n kò sì ní bò ó mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ Họ́ńdà Àkọ́ọ̀dù ti ọdún 2016 tó ní sikirínì ńlá ti mọ ètò méjèèjì. Ṣùgbọ́n Toyótà Kámúrì ti ọdún 2018, tó dé lẹ́yìn rẹ̀, tí sikirínì rẹ̀ sì dùn ún wò, kò mọ ọ̀kankan nínú wọn. Fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, wáyà tó dára jù lọ láyé kò lè ṣe nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wo inú ètò sikirínì náà tàbí ìwé ọkọ̀ bóyá ẹ ó rí orúkọ Android Auto tàbí Apple CarPlay níbẹ̀. Bí ẹ kò bá rí i, ẹni tó ní kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lè ní ẹjọ́ kan láti rò. Bí ẹ bá rí i, kò ní ẹjọ́ kankan títí ẹ ó fi dán wáyà gidi wò. Ọkùnrin tó fẹ́ gba ₦180,000 lọ́wọ́ Màmí kò wò ó. Nígbà tí mo wò ó, méjèèjì wà níbẹ̀ gbangba.

Àwọn mìíràn yóò ní wáyà ti di ohun àtijọ́, pé afẹ́fẹ́ ni ayé ń lò báyìí. Lóòótọ́, àwọn ọkọ̀ tuntun kan wà tí fóònù ń bá sọ̀rọ̀ láìsí wáyà; Bulutúùtù ni wọ́n fi ń mọ ara wọn, wáífáì ni wọ́n sì fi ń rán àwòrán. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tokunbọ̀ mélòó ló ní i? Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń tà láti fi sọ ọkọ̀ di aláìlówáyà pàápàá, inú ihò wáyà ọkọ̀ ni wọ́n ń fi í sí, kò sì lè ṣiṣẹ́ bí ọkọ̀ kò bá ti mọ ti wáyà tẹ́lẹ̀. Síbẹ̀síbẹ̀, fóònù tó ń rán àwòrán lójú afẹ́fẹ́ ń jẹ iná rẹ̀ kíákíá, ara rẹ̀ sì ń gbóná, pàápàá nínú oòrùn wa àti nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Wáyà ń bọ́ fóònù bí ó ti ń bá a ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń lọ láti Abẹ́òkúta sí Èkó nígbà tí kò sí iná nílé láti àná mọ iyì ìyẹn.

Àwọn olùkọ́ mi kan sọ ọ̀rọ̀ tó wúwo jù. Wọ́n ní sikirínì náà ń fa ojú kúrò lójú ọ̀nà, pàápàá bí awakọ̀ bá ń wá orin. Mo gbà. Ẹni tó fẹ́ fi ìka wá orin láàárín ogún orin nígbà tí ọkọ̀ ń sáré, ibi kan náà ni òun àti ẹni tó gbé fóònù lé itan ń lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Sikirínì wà lókè, nítòsí ojú ọ̀nà; itan wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ohùn máàpù ń jáde nínú ẹ̀rọ agbóhùnsókè ọkọ̀, ó sì máa ń rẹ orin sílẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, nítorí náà ariwo rédíò kò lè bò ó mọ́ bí ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa ní Bẹ́jà. Bí ọkọ̀ bá ti ń rìn, Android Auto kì í jẹ́ kí ènìyàn tẹ ọ̀rọ̀ sójú sikirínì. Òfin tiwa nílé ni pé Màmí yóò kọ ibi tó ń lọ, yóò sì yan orin, kí ó tó tú búréèkì ọwọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, etí ló ń lò.

Dátà ńkọ́? Wáyà kì í gbé dátà wá. Ti inú fóònù ni ẹ ó máa jẹ. Ṣùgbọ́n ẹ lè gba máàpù sílẹ̀ nílé. Nínú Google Maps, ẹ tẹ àwòrán yín tó wà lókè, ẹ yan "Offline maps," lẹ́yìn náà "Select your own map," ẹ fa igun náà kí ó kó Abẹ́òkúta àti Èkó pọ̀, kí ẹ sì tẹ "Download." Máàpù náà á máa tọ́ yín sọ́nà bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tilẹ̀ lọ. Ohun tí kò ní lè sọ fún yín ni ibi tí ọkọ̀ ti dí, nítorí ìyẹn nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Mo padà sí ọ̀rọ̀ àwọn tí mo bá wíjọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta wáyà, mo mọ̀ pé èrè kékeré ni ẹ ń jẹ, mo sì mọ̀ pé wáyà olókùn méjì ní iṣẹ́ tirẹ̀: ó lè gba iná sí tọ́ọ̀ṣì àti fóònù nílé. N kò ní kí ẹ má tà á. Ohun tí mo ní ni kí ẹ yà á sọ́tọ̀, kí ẹ sì sọ ọ́. "Ti iná nìkan nìyí, ti iná àti ọ̀rọ̀ nìyẹn." Gbólóhùn méjì ni. Ẹni tó bá ta odi fún ẹni tó ń wá agbẹnusọ ti rẹ́ ẹ jẹ, ìbáà jẹ́ ₦700 ló gbà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tún rédíò ọkọ̀ ṣe, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní wáyà kan tó dá yín lójú nínú àpótí iṣẹ́ yín. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ fi dán ọkọ̀ oníbàárà wò kí ẹ tó fọwọ́ kan ìdè kankan. Ẹni tó fi wáyà oníbàárà dá ẹjọ́ sikirínì oníbàárà dàbí adájọ́ tó ní kí ẹlẹ́rìí èké jẹ́rìí nìkan. Sikirínì tí ẹ fẹ́ yọ kì í ṣe rédíò lásán. Kámẹ́rà ẹ̀yìn ọkọ̀ ń gba inú rẹ̀, àwọn bọ́tìnì tó wà lára síárìn ń bá a sọ̀rọ̀, nínú ọkọ̀ mìíràn ètò ọkọ̀ fúnra rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá yọ ọ́ tí wọn kò sì so ti tuntun dáadáa, gbogbo ìwọ̀nyẹn lè lọ. Èyí ni àwọn àgbà ń pè ní fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ẹ̀yin awakọ̀ tó gbé fóònù lé itan, n kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ fún yín. Ìyá mi ni yín. Mo mọ̀ pé ẹ kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ọ̀nà ni ẹ ń wá. Ṣùgbọ́n igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Bí ọkọ̀ yín bá ní sikirínì, ẹ wò ó lálẹ́ òní bóyá ó mọ Android Auto tàbí Apple CarPlay. Bí ó bá mọ̀ ọ́n, ẹ mú wáyà tó bá fóònù yín wá nínú páálí, kì í ṣe èyí tí ẹ rà lójú títì. Bí ẹ kò bá sì ní í mọ́, ẹ gbé wáyà tí ẹ ní lọ sídìí kọ̀ǹpútà kí ẹ wo bóyá ó lè sọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, Màmí padà sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń ṣe rédíò, kì í ṣe láti sanwó, bí kò ṣe láti fi sikirínì hàn án. Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó yí orí ka. Ó béèrè irú wáyà tí a lò. Mo fi hàn án, mo sì fi ti ₦700 tí mo gé sí méjì hàn án pẹ̀lú okùn pupa àti dúdú rẹ̀. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó sì fi kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ní òun yóò máa fi hàn àwọn oníbàárà òun. Mo ti lọ wò ó lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà náà. Ó ṣì wà níbẹ̀.

Wáyà tuntun tí Màmí rà jẹ́ ₦4,500. Ó fi owó tó kù ra aṣọ funfun rẹ̀. Nígbà tí a tún lọ sí Èkó, a dé Bẹ́jà, ohùn máàpù rẹ orin Màmí sílẹ̀, ó ní kí a yà sí ọ̀tún. Màmí yà sí ọ̀tún, ojú rẹ̀ sì wà lára danfó tó wà níwájú wa.